Títúmọ̀ Ìwé Ìbéèrè Owó Ìrànwọ́: Bí Èròǹgbà, Ìṣúná àti Ìgbéléwọ̀n Ṣe Gbọ́dọ̀ Bára Wọn Mu

Ẹni tó bá ń kàwé ní Ìbògún kì í pẹ́ kí ẹgbẹ́ abúlé kan tó wá bá a pé, "Ọmọ wa, bá wa sọ ìwé yìí di Gẹ̀ẹ́sì, a fẹ́ fi tọrọ owó ìrànwọ́." Iṣẹ́ náà dà bíi pé kò le, torí pé ọ̀rọ̀ inú ìwé náà kò le. Ibi tó ti le ni pé ẹni tó fẹ́ fúnni lówó kì í ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ bí ìtàn. Yóò ka èròǹgbà, yóò ṣí ojú ewé ìṣúná, yóò ṣí ojú ewé ìgbéléwọ̀n, yóò sì wò ó bóyá ohun kan náà ni àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ń sọ. Ohun tí mo fẹ́ fi hàn níbí ni pé Yorùbá máa ń jẹ́ kí á fi àwọn nǹkan kan sílẹ̀ láìsọ, tí Gẹ̀ẹ́sì yóò sì ní dandan ká sọ wọ́n. Ibẹ̀ ni ìwé ti ń tú.

Ẹ jẹ́ ká lo ètò kan tó wà lóòótọ́. Láti ọdún 1989 ni ìjọba Jàpáánì ti ń fún ẹgbẹ́ aláàánú àti ìjọba ìbílẹ̀ ní owó ìrànwọ́ fún iṣẹ́ ìlú bíi kànga, kíláàsì àti ilé ìwòsàn kékeré. Iléeṣẹ́ aṣojú wọn ní Àbújá ló ń gba ìwé ti Nàìjíríà. Ohun méjì nípa ètò yìí ni olùtumọ̀ gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó mú bírò. Àkọ́kọ́, wọ́n ń béèrè ìwé iye owó láti ọwọ́ òǹtajà mẹ́ta fún ohun tí a fẹ́ rà. Èkejì, wọn kì í san owó oṣù òṣìṣẹ́, wọn kì í sì í ra epo.

Ká wá ní ẹgbẹ́ obìnrin mẹ́rìnlélógún kan tó ń ṣe gàrí lẹ́bàá Ìfọ̀ ló kọ ìwé tirẹ̀. Àpẹẹrẹ tí mo fúnra mi gbé kalẹ̀ ni, iye inú rẹ̀ náà kò ju àpẹẹrẹ lọ. Èròǹgbà wọn kà báyìí: "A fẹ́ gbé àwọn obìnrin abúlé wa dìde." Ó dùn létí ní Yorùbá, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ ọ mọ ohun tí wọ́n ní lọ́kàn. Ṣùgbọ́n tí a bá sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan, kò sí ohun tí a lè wọ̀n nínú rẹ̀. Olùtumọ̀ kò gbọdọ̀ hùmọ̀ ìyókù. Kó padà lọ bi ìyá ẹgbẹ́ pé, "Mọ̀mí, kí ló máa yàtọ̀ tí ẹ̀rọ bá dé?" Ká ní ìdáhùn rẹ̀ ni pé: "Àpò gàrí mẹ́ta là ń gbé lọ sọ́jà lọ́jọ́ ọjà kọ̀ọ̀kan. Tí a ò bá ru ẹ̀gẹ́ lọ sí Ìfọ̀ mọ́ láti lọ lọ̀ ọ́, a máa gbé mẹ́fà." Èyí gan-an ni èròǹgbà: ta ni, kí ni, láti iye wo dé iye wo.

Nínú ìṣúná, wọ́n kọ "ẹ̀rọ méjì." Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹ̀rọ, ni Yorùbá ń lò fún èyí tó ń lọ ẹ̀gẹ́, fún ẹ́ńjìnnì tó ń yí i, àti fún èyí tó ń fún omi ara rẹ̀ dànù. Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ fún wọn, òǹtajà wọn sì lè má jẹ́ ẹnì kan náà. Bí olùtumọ̀ bá kọ ọ́ bíi pé ẹ̀rọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ méjì ni, òǹkàwé yóò béèrè ohun tó máa yí wọn, ìwé iye owó mẹ́ta tó wà lẹ́yìn kò sì ní bá ọ̀rọ̀ náà mu. Ẹ bi wọ́n kí ẹ sì pe ọ̀kọ̀ọ̀kan lórúkọ: ẹ̀rọ ìlọ ẹ̀gẹ́ kan, ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì kan. Orúkọ tí ẹ bá fún wọn nínú ìṣúná ni kí ẹ máa lò dé ìparí ìwé.

Ìlà tó tẹ̀ lé e ni "owó iṣẹ́." Ó lè jẹ́ owó ẹni tó máa wá gbé ẹ̀rọ kalẹ̀, ó sì lè jẹ́ owó oṣù ọmọkùnrin tí yóò máa wà á. Ètò yìí kì í san ti èkejì. Iṣẹ́ olùtumọ̀ kì í ṣe láti fi aṣọ ti àkọ́kọ́ bo èkejì. Ẹni tó bá wá yẹ ìwé ìnáwó wò yóò rí i. Tó bá jẹ́ owó oṣù ni, ẹ sọ fún ẹgbẹ́ náà kí wọ́n yọ ọ́ kúrò nínú ohun tí wọ́n ń tọrọ, kí ẹ sì kọ ọ́ sí ohun tí àwọn fúnra wọn yóò máa san.

Èyí tó fara pamọ́ jù wà nínú ìgbéléwọ̀n: "A ó máa ka àpò lọ́jọ́ ọjà. Ọjà wa, ọrọọ́rún ni." Ọ̀pọ̀ yóò túmọ̀ rẹ̀ sí pé ọjọ́ márùn-ún ló wà láàárín ọjà méjì. Kò rí bẹ́ẹ̀. Yorùbá máa ń ka ọjọ́ tí a ti bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn: bí ọjà bá bọ́ sí Mọ́ńdè, Fúráídè ni òmíràn, ìyẹn ọjọ́ mẹ́rin síra. Láàárín ọdún kan, ọjà náà yóò wáyé nǹkan bí ìgbà 91, kì í ṣe 73.

Ẹ wo ohun tí èyí ń ṣe. Àpò mẹ́fà lọ́nà 91 jẹ́ 546. Lọ́nà 73, ó jẹ́ 438. Ká ní ẹgbẹ́ náà pinnu láti máa yọ 500 náírà lórí àpò kọ̀ọ̀kan fún epo àti àtúnṣe, tí ìnáwó yẹn sì jẹ́ 250,000 náírà lọ́dún. Lójú ìṣirò tó tọ̀nà, 273,000 ni yóò wọlé, ẹ̀rọ náà á lè bọ́ ara rẹ̀. Lójú ìtumọ̀ tó ṣì ọjọ́ kà, 219,000 ni, òǹkàwé yóò sì rí i pé iṣẹ́ náà á dẹnu kọlẹ̀ kí ọdún tó yí po. Ọ̀rọ̀ kan nínú ìgbéléwọ̀n ló ba èròǹgbà àti ìṣúná jẹ́, láìsí pé ẹgbẹ́ náà purọ́ kankan.

Bí a ṣe ń mọ̀ bóyá irú rẹ̀ wà nínú ìwé wa nìyí. Ẹ fún ẹlòmíràn tí kò rí ti àkọ́kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì yín, kó dá a padà sí Yorùbá, kí ẹ sì ka èyí sétí ìyá ẹgbẹ́. Ibi tó bá ti ní "a ò sọ bẹ́ẹ̀" ni kí ẹ tún ṣe. Lẹ́yìn náà, ẹ fa gbogbo iye inú ìwé náà yọ sórí tákàdá kan: iye ènìyàn, iye ẹ̀rọ, iye àpò, iye ọjà. Iye tó bá wà ní apá kan tí kò sí ní àwọn tó kù, tàbí tó yí padà láàárín wọn, ẹ padà lọ bi àwọn tó ni ín.

Àyẹ̀wò yìí kò lè tún iṣẹ́ tí kò dára ṣe. Bí ẹgbẹ́ náà kò bá ka àpò tí wọ́n ń gbé lọ sọ́jà kí ẹ̀rọ tó dé, kò sí Gẹ̀ẹ́sì tó lè fi hàn lẹ́yìn ọdún kan pé mẹ́ta ti di mẹ́fà. Nítorí náà, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ìwé wá ni kí ẹ ti sọ fún wọn pé kí kíkà náà bẹ̀rẹ̀ lọ́jà tó ń bọ̀.