Nígbà tí Fóònù Bá Ṣi Ọ̀rọ̀ Gbọ́

Ìbéèrè: Oníbàárà kan máa ń sọ̀rọ̀ sí fóònù kí ó bá a kọ àtẹ̀jíṣẹ́. Èyí tó fi ránṣẹ́ sí ọlọ́jà sìmẹ́ńtì kà báyìí: "please bring fifty bags before the". Báwo ni ọlọ́jà ṣe lè béèrè ohun tí oníbàárà ní lọ́kàn?

Ìdáhùn: Gbólóhùn náà gé nítorí pé bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ bá dákẹ́ díẹ̀, bóyá tó ń ronú ọjọ́, fóònù lè gbà pé ó ti parí. Ìyẹn hàn sójú. Iye ló léwu. "Fifteen" àti "fifty" jọra létí, pàápàá láàárín ariwo. Fóònù á kàn mú ọ̀kan, ó sì lè má fi hàn pé ó ń ṣiyèméjì. Àpò 35 ni ìyàtọ̀ wọn, owó ńlá sì ni.

"Ẹ tún un sọ" nìkan kò tó, torí fóònù lè tún ṣì í gbọ́ bákan náà. Ó sàn kí ọlọ́jà sọ ohun tó yé e, kó sì béèrè ìyókù ní pàtó: "Ẹ kú iṣẹ́, mà. Ó jọ pé fóònù gé ọ̀rọ̀ yín. Ṣé àpò 15 ni àbí 50? Ọjọ́ wo ni kí n gbé e dé?" Fóònù ló gba ẹ̀bi níbẹ̀, oníbàárà kò sì ní bínú. Ìdáhùn rẹ̀ kò ju "15, Friday" lọ, èyí tó lè fọwọ́ tẹ̀.

Tó bá jẹ́ nọ́ńbà àkáǹtì ni, kí wọ́n pe ara wọn, kí wọ́n sì kà á níkọ̀ọ̀kan.