Òfin Ohùn àti Ewì Tí Ó Kọ̀ Tí Kò Jáde

Ohun tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni bí òfin kékeré tí akéwì fi de ara rẹ̀ ṣe lè tú ewì sílẹ̀, nígbà tí ó bá ti pẹ́ tí kò ti rí nǹkan kan kọ. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun. Ní ilẹ̀ Faransé, Jọ́ọ̀jì Pẹrẹ́ẹ̀kì kọ odindi ìwé ìtàn-àròsọ kan tí ó jáde ní 1969 láìlo lẹ́tà 'e', bẹ́ẹ̀ sì ni lẹ́tà yìí ni ó wọ́pọ̀ jù nínú èdè wọn. Ọmọ òrukàn ni ọkùnrin náà. Ogun Àgbáyé Kejì ni ó gba bàbá àti ìyá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ohun tí ó sọnù ni ìwé náà sì dá lé lórí.

Ní tiwa, mo rò pé ohùn ni ó yẹ kí a fi ṣe òfin, nítorí pé etí ni a fi ń mọ ewì Yorùbá. Ọdún méjì gbáko lẹ́yìn ikú bàbá mi, n kò lè parí ewì kankan. Gbogbo ìgbà tí mo bá fẹ́ kọ arò rẹ̀, ọ̀rọ̀ a pọ̀ jù, n kò sì ní mọ èyí tí n óò kọ́kọ́ mú. Ọ̀rẹ́ mi kan ni ó ko ọ̀rọ̀ mẹ́rin fún mi: igbà, igbá, igba, ìgbà. Lẹ́tà wọn bára mu, ohùn ni ó yà wọ́n. Ó ní kí n kọ ìlà mẹ́rin, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn parí ìlà kan, kí n má sì lò ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ.

Mo fi ìṣẹ́jú márùn-ún àkọ́kọ́ kọ ohun tí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan mú wá sọ́kàn. Ẹlẹ́mu ni bàbá mi. Igbà ni ó fi ń gun ọ̀pẹ, igbá ni àwọn oníbàárà fi ń mu ẹmu rẹ̀. Mo fi mẹ́wàá tí ó kù kọ ìlà, n kò sì pa ọ̀rọ̀ kankan rẹ́. Ìdí tí aago fi wúlò nìyí: kò jẹ́ kí adájọ́ tí ń bẹ nínú akéwì ráyè jókòó.

Àtúnṣe di ọjọ́ kejì. Ìlà kẹta kà báyìí nígbà náà: 'Ọ̀rẹ́ rẹ̀ pọ̀ nílùú, wọ́n tó igba.' Mo fi 'ọgọ́ta' rọ́pò 'igba', ìtumọ̀ ìlà náà kò sì yí padà. Àmì nìyí pé òfin nìkan ni ọ̀rọ̀ náà ń sìn. A kàn fi dí àyè ni. Mo wá ohun tí yóò mú kí iye náà ṣe pàtàkì, mo sì rí i nínú iye ọ̀pẹ rẹ̀. Bí ìlà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ṣe rí ní ìkẹyìn nìyí:

Ọ̀pẹ bàbá mi ṣì dúró, wọ́n ń retí igbà;
Ẹlẹ́mu ò sí, eṣinṣin ló ń sùn nínú igbá;
Ọ̀pẹ mẹ́wàá ló ń gùn, èrò tó sin ín tó igba;
Ẹ̀ẹ̀rùn tún dé, ọ̀pẹ ń wọ̀nà: ó ti tó ìgbà.

Ẹ fetí sí òpin ìlà wọ̀nyí. Ohùn ìsàlẹ̀ ni àkọ́kọ́ fi parí, òkè ni èkejì, àárín ni ẹ̀kẹta. Ìsàlẹ̀ tún ni ẹ̀kẹrin, ṣùgbọ́n ìsàlẹ̀ ni sílébù rẹ̀ méjèèjì, nítorí náà etí mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ti délẹ̀.

Kí ni òfin ṣe tí èrò nìkan kò lè ṣe? Ó gba yíyàn kúrò lọ́wọ́ mi. N kò jókòó kọ nípa ikú mọ́. Okùn àti igbá ni mo ń wá ibi tí n óò fi sí, ikú sì gba ẹ̀yìn wọlé. Ó dára kí ẹlòmíràn ṣa ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé èyí tí ó rọ̀ wá lọ́rùn ni àwa fúnra wa máa ń mú.

Ṣùgbọ́n òfin ní ààlà. Kò lè fún ènìyàn ní ohun tí kò mọ̀: ẹni tí kò mọ igbà rí, nọ́ńbà àti àkókò nìkan ni yóò kọ lé lórí. Kò sì wo àárẹ̀ ara. Bákan náà, bí ewì bá ti ń dá rìn, kí a tú òfin náà. Nígbà tí mo fẹ́ kọ ìlà karùn-ún, n kò wá ọ̀rọ̀ karùn-ún mọ́. Mo kàn ń kọ arò náà lọ ni.