Ẹlẹ́rìí Mẹ́ta, Ẹnu Kan

ÌBÉÈRÈ: Olùkọ́ ni mí ní Ọ̀fà. Mo máa ń fi ìwọ̀nba tó bá ṣẹ́kù lára owó oṣù mi ra ìpín ilé-iṣẹ́ lórí fóònù. Mo to RSI, Stochastic àti CCI sábẹ́ àtẹ iye owó. Bí ọ̀kan bá ní wọ́n ti ra ìpín kan jù, n kì í dá a lóhùn. Àmọ́ bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá sọ ọ́ pọ̀, ọkàn mi á balẹ̀, màá sì ta gbogbo rẹ̀. Síbẹ̀, lẹ́yìn tí mo bá tà á tán ni ìpín náà á tún máa gòkè. Ṣé kí n wá ìkẹrin kún un ni?

ÌDÁHÙN: Ọmọ Ìyẹ̀rú Ọkín, ẹ má wá ìkẹrin o. Méjì ni kí ẹ yọ.

Ẹ wo iṣẹ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ń ṣe. RSI, tí Welles Wilder gbé jáde lọ́dún 1978, ń wo gbogbo ìrìn owó láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó sì ń sọ ìdá tó jẹ́ ìgòkè nínú rẹ̀. Stochastic, tí George Lane sọ di gbajúmọ̀, ń wo ibi tí owó òní dúró sí láàárín iye tó kéré jù àti iye tó ga jù láwọn ọjọ́ náà. CCI, tí Donald Lambert gbé jáde lọ́dún 1980, ń wọn bí owó òní ṣe jìnnà tó sí ìpíndọ́gba. Ìbéèrè wọn yàtọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n iye owó ọjọ́ kan náà ni gbogbo wọn ń bi. Bí owó bá ń gòkè ṣáá, ìgòkè á pọ̀ ju ìsọ̀kalẹ̀, owó òní á wà lókè téńté, á sì jìnnà sí ìpíndọ́gba. Ohun kan ló ṣẹlẹ̀, ìròyìn rẹ̀ ló di mẹ́ta.

Ẹ mú bírò. Ká ní iye tí ìpín kan fi pa ọjà dé ní ọjọ́ mẹ́fà ni 40, 41, 43, 42, 45 àti 46 náírà. Ká lo ọjọ́ márùn-ún àti iye ìpadé ọjà nìkan, kí ìṣirò má bàa gùn. Ìgòkè àpapọ̀ jẹ́ 7, ìsọ̀kalẹ̀ jẹ́ 1: RSI di 87.5. Owó òní ló ga jù, nítorí náà Stochastic di 100. Ìpíndọ́gba ọjọ́ márùn-ún tó kẹ́yìn jẹ́ 43.4, CCI sì bọ́ sí nǹkan bí 103. Gbogbo wọn ti kọjá ààlà wọn: 70, 80 àti 100. Bí owó bá wá já sí 43 lọ́jọ́ kejì, RSI á di 60, Stochastic 25, CCI á sì bọ́ sísàlẹ̀ òdo, sí nǹkan bí −39. Ẹ rí i pé Stochastic yára sọ̀kalẹ̀ ju RSI lọ. Ìyàtọ̀ wà, n kò ní parọ́, àmọ́ ìyàtọ̀ ìyára ni, kì í ṣe ìròyìn tuntun.

Ibi tó ti ń dùn yín nìyí. Ká ní atọ́ka kọ̀ọ̀kan máa ń tọ̀nà ní ìgbà 6 nínú 10. Bí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá dá dúró lóòótọ́, tí wọ́n sì fohùn ṣọ̀kan, wọn á tọ̀nà ní nǹkan bí ìgbà 77 nínú 100. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá bi èèyàn mẹ́ta ní Ọjà Ọwọ́dé bóyá rélùwéè ti kọjá, tó sì jẹ́ pé ẹnu ọlọ́kadà kan náà ni gbogbo wọn ti gbọ́ ọ, ẹlẹ́rìí kan lẹ ní. Ẹ ṣì wà ní 60, ẹ sì ń ta gbogbo ìpín yín bí ẹni tó wà ní 77.

Ní January 2024, atọ́ka gbogbogbò ọjà ìpín Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ ọdún ní nǹkan bí 74,773, ó sì ti kọjá 100,000 lọ́jọ́ 24 oṣù náà. RSI máa ń wọ 70 bí ìgòkè bá ti ju ìlọ́po 2.33 ìsọ̀kalẹ̀ lọ, nítorí náà irú ìgòkè bẹ́ẹ̀ kò lè wáyé kí àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta má pariwo pé wọ́n ti rà á jù. Ẹni tó bá tà nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ pariwo pàdánù púpọ̀ nínú ìgòkè náà. Wọn ò purọ́ fún un. Wọ́n kàn ń sọ pé owó ti gòkè ni, ojú rẹ̀ náà sì ti rí ìyẹn lórí àtẹ.

Ẹ lè dán an wò fúnra yín. Ẹ to iye RSI sínú òpó B àti ti CCI sínú òpó C nínú ìwé ìṣirò Excel, fún igba ọjọ́, kí ẹ lo ọjọ́ 14 fún àwọn méjèèjì, kí ẹ sì tẹ:

```
=CORREL(B2:B201,C2:C201)
```

Bí èsì bá ṣe ń sún mọ́ 1 tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ṣe ń rìn pọ̀ tó. Bí ó bá sún mọ́ 0, ọ̀kan ń sọ ohun tí èkejì kò sọ.

Èmi á fi RSI sílẹ̀, nítorí pé kì í ta gìrì bíi Stochastic. Àyè méjì tó ṣẹ́kù, ohun tí kò ti inú iye owó wá ni kí ẹ fi dí i. Àkọ́kọ́ ni iye ìpín tí wọ́n tà lọ́jọ́ náà. Owó tó gòkè nígbà tí ìpín díẹ̀ péré ń yí ọwọ́ kò rí bákan náà pẹ̀lú èyí tí ọ̀pọ̀ èèyàn ń du. Àmọ́ kí ẹ ṣọ́ra níbí: àdéhùn ńlá kan ṣoṣo láàárín olówó méjì lè mú kí iye náà wú lọ́jọ́ kan. Ìdí nìyẹn tí èkejì fi jẹ́ iye ìdúnàádúrà tí NGX ń kọ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lójoojúmọ́. Bí ìpín tó yí ọwọ́ bá pọ̀ ṣùgbọ́n tí ìdúnàádúrà kò tó nǹkan, ẹ má kà á sí.