Níbi Tí Orin Ti Yí Ni Kí Ọjà Ó Wà

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń fi fídíò kéékèèké polówó ọjà, ẹ ti mọ bí a ṣe ń mú ohùn tó gbòde. Ohun tó kù ni bí ọjà kò ṣe ní sọnù sínú ohùn náà. Gbogbo àrà tó gbòde ló ní oríkèé kan, ibi tí nǹkan ti yí, tí olùwòran sì ti ń retí rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjà yín ló fa ìyípadà yẹn, orin yóò gbé e. Bí ọjà bá wà níbòmíràn, orin á gbé olùwòran lọ, á fi ọjà sílẹ̀. Àwọn tó ń kiri ọjà láyé àtijọ́ mọ èyí dáadáa: ohùn wọn dùn, ṣùgbọ́n orúkọ ọjà ni wọ́n fi ń kọ orin náà. Ẹ yọ ọjà kúrò níbẹ̀, orin tán.

Ẹ jẹ́ ká mú ṣálénjì tí àwọn èèyàn fi orin "Bop Daddy" ti Falz ṣe lọ́dún 2019. Èèyàn á kọ́kọ́ yọ láìṣe lọ́ṣọ̀ọ́. Bí orin bá ti yí, a ó rí i nínú aṣọ iyì. Ká ní ẹnìkan fẹ́ fi irú àrà yìí polówó ọ́tò-gèlè, gèlè tí wọ́n ti wé sílẹ̀ tí a kàn ń dé sórí. Ohun tí ọjà yìí ń sọ ni pé ẹ kò nílò ẹni tó máa bá yín wé e, kò sì ní pẹ́. Ọ̀pọ̀ á ya obìnrin kan nínú aṣọ ilé, wọn á gé fídíò náà, wọn á sì gbé e jáde pẹ̀lú àtíkè, ìlẹ̀kẹ̀, léèsì tuntun àti gèlè. Ó rẹwà, ṣùgbọ́n àṣìṣe méjì ló wà níbẹ̀. Nǹkan púpọ̀ ló yí lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí náà kò sẹ́ni tó mọ èyí tí gèlè ṣe. Èyí tó burú jù ni pé ibi tí wọ́n gé gan-an ni ẹ̀rí wà: bí wọ́n ṣe dé gèlè náà kíákíá ni ọjà yín, ẹ sì ti gé e sọnù.

Ọ̀nà àbáyọ ni pé kí obìnrin náà ti múra tán láti ìbẹ̀rẹ̀, kó ku gèlè nìkan. Kó máa bá gèlè gbọọrọ jà, kí gèlè náà máa yọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, kí ọ́tò-gèlè sì wà lórí tábìlì níwájú rẹ̀. Bí ohùn náà bá gùn tó ìṣẹ́jú àáyá 15, tó sì yí ní ìkẹjọ, ìkẹjọ yẹn ni kó gbé e dé, láìgé fídíò rárá. Ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá tó kù wà fún kó yí ẹ̀yìn orí sí wa ká rí bí ó ṣe dì mọ́ ọn, àti fún iye owó. Ẹ má kọ iye owó náà sí ìsàlẹ̀ tàbí etí ọ̀tún, torí àwọn bọ́tìnnì àti àkọlé ìkànnì á bò ó mọ́lẹ̀.

Àwọn kan á ní bí a bá tún àrà ṣe báyìí, àwọn èèyàn kò ní dá a mọ̀ mọ́. Rárá o. Ẹ wo ṣálénjì "Don't Leave Me" tí Josh2Funny dá sílẹ̀ lọ́dún 2020: gbólóhùn ìparí ni egungun rẹ̀, olúkúlùkù sì ń fi àwàdà tirẹ̀ ṣe ẹran ara. Egungun ni kí ẹ má fọwọ́ kàn. Àwọn mìíràn á ní bí ọjà bá tètè yọ, olùwòran á sá. Ìpolongo tó ń pariwo orúkọ ni wọ́n ń sá fún. Wọn kì í sá fún gèlè tó wà lórí tábìlì, torí ó jẹ́ ara ìtàn. Àwọn tó ní kí fídíò ṣáà ti tàn kálẹ̀, ẹ ní kí wọ́n ka ohun tí àwọn olùwòran kọ sábẹ́ rẹ̀. Bí wọ́n bá ń bèèrè orúkọ orin tàbí orúkọ ọmọge náà, ọjà ti sọnù. Bí wọ́n bá ń bèèrè bóyá gèlè náà gba orí ńlá, iṣẹ́ yín ti jẹ́.

Ìdí mìíràn wà tí oríkèé fi ṣe pàtàkì ju orin lọ. Pé èèyàn ń fi orin kan ṣeré lórí TikTok kò túmọ̀ sí pé ẹ lè fi polówó ọjà. Commercial Music Library ni ìkànnì náà yà sọ́tọ̀ fún oníṣòwò, ọ̀pọ̀ orin tó gbòde ni kò sì sí níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ tó gbé iṣẹ́ síta, ẹ pa ohùn rẹ̀, kí ẹ sì wò ó. Bí ìyípadà náà bá ṣì yé yín, tí ẹ sì rí i pé gèlè ló fà á, orin mìíràn tó yí níbi kan náà lè rọ́pò rẹ̀. Bí kò bá yé yín mọ́, orin olórin lẹ ń polówó.