Nasíhà Láàárín Ọ̀rẹ́ Méjì: Ẹ̀kọ́ Láti Ilé Abú Dáridáì

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́hun, Ọba tí Ó so ọkàn àwọn onígbàgbọ́ pọ̀. Kí ìkẹ́ àti ọlà Rẹ̀ máa bá Ànábì wa Mùhámmádù, àwọn ará ilé rẹ̀ àti àwọn sàhábé rẹ̀ lápapọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, bí ènìyàn bá rí àṣìṣe lọ́wọ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀ tímọ́tímọ́, báwo ni yóò ṣe sọ òdodo fún un tí àárín wọn kò fi ní bàjẹ́? Ìtàn kan wà nínú hádíìsì tí Imáàmù Bùhárì gbà wá tí ó fi ọ̀nà náà hàn wá.

Ní Mọdínà, Ànábì so Sálímánù ará Páṣíà àti Abú Dáridáì pọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọmọ ìyá. Ní ọjọ́ kan, Sálímánù lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀ nílé, ó sì bá ìyàwó rẹ̀ nínú aṣọ tí kò gbé e níyì. Ó bi í léèrè ìdí rẹ̀. Obìnrin náà fèsì pé Abú Dáridáì kò ka ohun ayé yìí sí mọ́.

Nígbà tí baálé náà dé, ó gbé oúnjẹ síwájú àlejò rẹ̀, ó ní òun ń gba ààwẹ̀. Ààwẹ̀ nọ́fílà ni. Sálímánù ní òun kò ní jẹun àfi bí òun náà bá jẹ. Ó bá a jẹun. Ní òru, Abú Dáridáì fẹ́ dìde kírun; Sálímánù ní kí ó sùn. Ó tún fẹ́ dìde. Ó tún ní kí ó sùn. Nígbà tí òru ń lọ sópin, ó jí i, àwọn méjèèjì sì jọ kírun. Ìgbà yẹn ni ó tó sọ fún un pé Olúwa rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ lórí rẹ̀, ara rẹ̀ ní ẹ̀tọ́, àwọn ará ilé rẹ̀ náà sì ní ẹ̀tọ́.

Ẹ kíyè sí i. Sálímánù gbọ́ ọ̀rọ̀ lẹ́nu ìyàwó, ṣùgbọ́n kò fi í ṣe ẹlẹ́rìí láti fi bá ọkọ wí. Ó dúró títí ó fi fi ojú ara rẹ̀ rí i. Ó bá ọ̀rẹ́ rẹ̀ jẹun, ó sì bá a kírun, kí ó má baà rò pé ìjọsìn ni òun kórìíra. Ẹ̀tọ́ tí ó jẹ ni ó dárúkọ. Kò pè é ní ènìyàn búburú.

Ẹ jẹ́ kí a fi èyí wo ọ̀rọ̀ ọjà. Ká ní ọ̀rẹ́ rẹ ni ó ń gba owó àjọ. Ènìyàn mẹ́wàá ń dá ₦5,000 lọ́sẹ̀, ẹnì kan sì ń kó ₦50,000. Ní ọ̀sẹ̀ méjì léraléra, o rí i pé ₦30,000 ni ó kọ́kọ́ san, tí ìyókù sì pẹ́ lẹ́yìn ọjọ́ márùn-ún. Bí o bá sọ ní ìsọ̀ rẹ̀, lójú oníbàárà, pé ó ń jẹ owó olówó, ìtìjú ni yóò gbọ́, kò ní gbọ́ ìmọ̀ràn. Lọ bá a nílé lẹ́yìn ìrun Íṣáì, ní ìwọ nìkan. Sọ pé: “Ọ̀rẹ́ mi, mo rí i pé owó ọ̀sẹ̀ méjì yìí kò pé lọ́jọ́ rẹ̀. Kí ló ṣẹlẹ̀?” Lẹ́yìn náà, dákẹ́. Bí ó bá ní owó ilé-ìwé ọmọ ni òun fi ṣe, sọ fún un pé ẹni tí ó kàn ní ẹ̀tọ́ sí gbogbo owó rẹ̀ lọ́jọ́ rẹ̀. Kí ẹ sì jọ ṣí ìwé àjọ náà, kí ẹ wo ibi tí owó yóò ti pé.

Bí ó bá dárúkọ iye tí ó kù àti ọjọ́ tí yóò san án, ọ̀rọ̀ ti wọlé. Bí ó bá ní “mo ti gbọ́” tí ó sì yára yí ọ̀rọ̀ padà, kò tíì wọlé. Má ṣe tún un tẹnu mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà. Padà lọ kí ọjọ́ sísan tó kàn tó pé.

Àṣírí ọ̀rẹ́ ní ààlà. Bí kò bá jáwọ́, owó ẹlòmíràn ni ó wà nínú ewu. Imáàmù Nawawì ka ìdí mẹ́fà tí a fi lè sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn, ìkìlọ̀ fún ẹni tí aburú lè bá sì wà lára wọn. Kọ́kọ́ sọ fún un pé ìwọ yóò sọ fún àwọn olówó, kí o sì dá ọjọ́ fún un. Bí ọjọ́ bá pé tí kò ṣe é, sọ ìwọ̀n tí yóò dáàbò bo owó wọn nìkan.

Abú Dáridáì gbé ọ̀rọ̀ náà lọ bá Ànábì, Ànábì sì ní òdodo ni Sálímánù sọ. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ rẹ bá fẹ́ fi ọ̀rọ̀ rẹ lọ onímọ̀, má ṣe bínú. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni.

Kí Ọlọ́hun fún wa ní ọ̀rẹ́ tí yóò sọ òdodo fún wa, kí Ó sì fún wa ní ọkàn tí yóò gbà á. Àmín.