Àbọ̀ Ọ̀rọ̀ Kò Gba Máàkì Mẹ́fà

Àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúàbí. Bó bá dé inú rẹ̀, a di odidi. Òwe yìí kò fara sin, mi ò sì ní fi àlàyé rẹ̀ gba àkókò yín. Ìwé ọmọbìnrin kan tí mò ń kọ́ ní lẹ́sìnnì ìrọ̀lẹ́ níbí ní Ìjẹ̀bú-Igbó ló mú mi rántí rẹ̀. Abígí ní Ògùn Wọ́tásáìdì ni àwọn òbí rẹ̀ wà. Ọ̀dọ̀ àbúrò ìyá rẹ̀ ní Àtìkorí ló ń gbé, Yunifásítì Ọlábísí Ọ̀nàbánjọ ní Àgọ́-Ìwòyè ló sì ń wò lọ́ọ̀ọ́kán. Ní ọjọ́ Ajé, mo ní kó sọ bí awọ sẹ́ẹ̀lì ṣe rí fún mi. Ó sọ ọ́ láìkọsẹ̀, ó tilẹ̀ ń fi ọwọ́ júwe rẹ̀. Ní Ọjọ́bọ̀, mo kọ ìbéèrè kan náà sójú pátákó: ṣàpèjúwe bí awọ sẹ́ẹ̀lì ṣe rí, máàkì mẹ́fà. Máàkì kan ṣoṣo ló gbà.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì ló fi kọ ọ́, torí òun ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, àmọ́ bó ṣe lọ ní Yorùbá nìyí: “Awọ sẹ́ẹ̀lì jẹ́ awọ fẹ́lẹ́ tó bo sẹ́ẹ̀lì. Lípídì àti púrótéènì ló wà nínú rẹ̀. Ó máa ń yan ohun tí yóò wọlé àti ohun tí yóò jáde. Lípídì inú rẹ̀ kórìíra omi. Àwọn púrótéènì kan jẹ́ ihò tí nǹkan ń gbà kọjá. Awọ náà ń ṣàn bí omi.”

Inú bí i. Ó ní, “Sà, ẹ̀yin náà mọ̀ pé mo mọ̀ ọ́n.” Òótọ́ ni, mo mọ̀. Ibẹ̀ gan-an ni òwe wa ti ń tan àwọn ọmọ jẹ. Ẹni tó ń máàkì ìwé ìdánwò lè jẹ́ ọmọlúàbí nílé, kó jẹ́ díákónì ní ṣọ́ọ̀ṣì, ṣùgbọ́n níwájú ìwé yẹn wọn kò gbà á láyè láti sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀ di odidi. Ìwé ìtọ́sọ́nà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ tó sọ ohun tí máàkì kọ̀ọ̀kan ń rà. Bí ohun náà bá wà lójú ìwé, o gbà á. Bó bá wà nínú rẹ nìkan, inú rẹ náà ni yóò máa wà.

Ẹ jẹ́ ká yẹ ìwé rẹ̀ wò. Gbólóhùn àkọ́kọ́ sọ ibi tí awọ náà wà, kò sọ bó ṣe rí. Ẹni tí wọ́n ní kó ṣàpèjúwe ilé tó wá ń sọ pé ilé náà wà lójú ọ̀nà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Gbólóhùn kẹta, pé awọ náà ń yan ohun tó ń wọlé, iṣẹ́ awọ ni, kì í ṣe ìrísí rẹ̀. Èyí ni àṣìṣe tó ń bí mi nínú jù, torí pé òun ni gbogbo wọn fẹ́ràn jù. Wọ́n ti kọ́ ọ sórí láti kíláàsì kékeré, ó sì ń yọ́ jáde nínú bírò wọn kí wọ́n tó ronú. A lè sọ iṣẹ́ nínú ìdáhùn yìí o, bí a bá so ó mọ́ ẹ̀yà kan pàtó. Ìdí nìyẹn tí gbólóhùn karùn-ún fi gba máàkì kan tó rí gbà: ó dárúkọ púrótéènì, ó ní ihò ni, ó sì sọ ohun tí ihò náà wà fún.

Gbólóhùn kejì ló dùn mí jù, nítorí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á. Lípídì nìkan kò tó. Epo pupa náà lípídì ni. Fọsifolípídì ni orúkọ tí wọ́n ń wá, ìpele méjì rẹ̀ ló sì wà nínú awọ náà. Kí ẹnikẹ́ni má sì kọ “awọ méjì” o. Awọ méjì ni ohun tó yí núkílíọ́ọ̀sì ká. Awọ sẹ́ẹ̀lì jẹ́ awọ kan tó ní ìpele fọsifolípídì méjì nínú. Ọ̀rọ̀ kékeré ló ya méjèèjì, máàkì kan sì ni ọ̀rọ̀ kékeré náà.

Gbólóhùn kẹrin ni màá jókòó tì, torí pé ẹni tó bá mọ ibẹ̀ dáadáa kò ní máa há ìyókù sórí. Ó ní lípídì kórìíra omi. Rárá o, apá kan rẹ̀ ló kórìíra omi. Fọsifolípídì kan ní orí kan àti ìrù méjì. Orí ni fọ́sífeètì wà, ó sì fẹ́ràn omi. Ìrù jẹ́ ásíìdì ọ̀rá, ó sì ń sá fún omi. Ní báyìí, ibo ni omi wà? Ọ̀pọ̀ ọmọ kì í bi ara wọn léèrè yìí. Omi wà lóde sẹ́ẹ̀lì, omi sì wà nínú rẹ̀. Awọ náà wà láàárín omi méjì, bí ilẹ̀ tó wà láàárín ọ̀sà àti òkun ní apá ìsàlẹ̀ Ògùn Wọ́tásáìdì. Nítorí náà àwọn orí ìpele kan kọjú sí omi òde, àwọn orí ìpele kejì kọjú sí omi inú, gbogbo ìrù sì fara pa mọ́ sí àárín, wọ́n kọjú síra wọn. Ìdí tí ìpele náà fi gbọ́dọ̀ jẹ́ méjì nìyẹn: bó bá jẹ́ ẹyọ kan, ìrù yóò fara kan omi ní apá kan. Kọ ibi tí orí kọjú sí, kọ ibi tí ìrù wà, kí o sì sọ pé nítorí omi ni. Bí o bá ní orí kórìíra omi ní ìlà kan, tí o tún ní ó fẹ́ràn rẹ̀ ní ìlà kejì, ẹni tó ń máàkì kò ní bá ọ yan èyí tó tọ́. Yóò fagi lé méjèèjì.

Púrótéènì náà nílò ibi tó wà. Àwọn kan gba inú ìpele méjèèjì já láti òde dé inú, àwọn kan sì wà lójú kan ṣoṣo. Nínú àwọn tó gbà á já ni a ti ń rí ihò tí áyọ́ọ̀nù ń gbà, àti àwọn tó ń gbé ẹrù kọjá. Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀wọ̀n ṣúgà tó so mọ́ púrótéènì tàbí mọ́ lípídì. Ojú òde nìkan ni irú ẹ̀wọ̀n yìí máa ń wà, sẹ́ẹ̀lì sì fi ń dá ara wọn mọ̀. Bí o bá yà á sí ojú inú, o ti pàdánù máàkì rẹ̀.

Gbólóhùn ìkẹyìn, pé awọ náà ń ṣàn bí omi, ẹ̀bi àwa olùkọ́ wà níbẹ̀. Ní 1972, àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Singer àti Nicolson gbé àpèjúwe awọ sẹ́ẹ̀lì kan jáde tí gbogbo ayé ṣì ń lò, orúkọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n sọ ọ́ sì ní ọ̀rọ̀ méjì nínú: ọ̀kan ń sọ nípa ohun tó ń ṣàn, èkejì nípa mòsáìkì. Àwa ń pè é lórúkọ, a kì í tú u. Ohun tó ń ṣàn níbẹ̀ ni àwọn ẹ̀yà awọ náà: fọsifolípídì àti ọ̀pọ̀ púrótéènì ń rìn lọ rìn bọ̀ sí ẹ̀gbẹ́, láì kúrò nínú ìpele wọn. Ní 1970, Frye àti Edidin ti so sẹ́ẹ̀lì eku pọ̀ mọ́ sẹ́ẹ̀lì ènìyàn, wọ́n sì fi àwọ̀ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ sàmì sí púrótéènì àwọn méjèèjì. Láàárín nǹkan bí 40 ìṣẹ́jú, àwọ̀ méjèèjì ti dà pọ̀ káàkiri awọ náà. Nígbà tí wọ́n gbé e sínú òtútù, wọn kò dà pọ̀ bẹ́ẹ̀. Ní ti mòsáìkì, ẹ wo àfọ́kù táìsì tí bíríkìlà ń tò sílẹ̀ ọgbà: ńlá, kékeré, oríṣiríṣi. Bẹ́ẹ̀ ni púrótéènì ṣe fọ́n káàkiri láàárín fọsifolípídì.

Mo sọ fún ọmọ yìí pé kó rántí àwọn ewé tó ń léfòó lórí ọ̀sà nílé wọn, bí wọ́n ṣe ń fara wọ́ lọ sí ẹ̀gbẹ́, tí igi tó há sáàárín wọn sì ń bá wọn lọ. Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Kíá ni mo kìlọ̀ fún un pé kó má kọ ewé sínú ìwé ìdánwò. Àfiwé wà fún òye rẹ. Fọsifolípídì ló wà fún máàkì.

Òwe wa kò ṣáà jẹ̀bi tán. Ibì kan wà tó ti tọ̀nà gan-an: lọ́wọ́ ẹni tó gbé ìbéèrè kalẹ̀. Òun ló ń sọ àbọ̀ ọ̀rọ̀, akẹ́kọ̀ọ́ sì ni ọmọlúàbí tí yóò sọ ọ́ di odidi. “Ṣàpèjúwe” ni àbọ̀ kan: sọ bó ṣe rí, má sọ ìwúlò rẹ̀. “Máàkì mẹ́fà” ni àbọ̀ kejì: ohun mẹ́fà tó dá yàtọ̀ ni wọ́n ń fẹ́. Èmi máa ń ní kí wọ́n kọ méje, nítorí bí ọ̀kan bá já, èyí tó kù yóò rọ́pò rẹ̀, ṣùgbọ́n kí wọ́n má kọ mẹ́wàá, torí máàkì keje kò sí níbẹ̀. Bí ènìyàn bá sọ nígbà mẹ́ta pé ìpele méjì ni, ẹ̀ẹ̀kan ni wọn yóò kà á. Bó bá sì ya àwòrán, kí ìlà orúkọ kan ohun tó ń tọ́ka sí. Ìlà tó dúró sáàárín orí àti ìrù kò tọ́ka sí nǹkan kan.

Ó tún un kọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Ó ní ìpele fọsifolípídì méjì ló wà. Àwọn orí tó fẹ́ràn omi kọjú sí omi òde àti ti inú, àwọn ìrù sì sá sí àárín. Ó ní àwọn púrótéènì kan gba inú rẹ̀ já, àwọn kan wà lójú kan. Ó ní lára àwọn tó gbà á já ni ihò fún áyọ́ọ̀nù. Ó ní ẹ̀wọ̀n ṣúgà so mọ́ púrótéènì kan lójú òde. Ó wá parí rẹ̀ báyìí: “Kolẹsitẹ́rọ́ọ̀lù náà wà níbẹ̀.”

Mo fún un ní márùn-ún. Ó béèrè ibi tí ẹyọ kan lọ. Mo fi bírò tẹ gbólóhùn ìkẹyìn, mo ní níbo ló wà, kí ló sì ń ṣe níbẹ̀? Ó ní àárín àwọn ìrù fọsifolípídì ni, nínú sẹ́ẹ̀lì ẹranko, pé kì í jẹ́ kí awọ náà rọ̀ jù nígbà ooru tàbí kó le jù nígbà òtútù. Ó sọ ọ́ pé pérépéré. Mo bi í pé kí ló dé tí kò kọ ọ́.

Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ẹ̀yin náà ṣáà mọ ibi tó wà, sà.”