Owó Adójútòfò Àsansílẹ̀

Ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Ẹni tó san owó adójútòfò ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà ti da omi síwájú: owó ti kúrò ní báǹkì, ṣùgbọ́n ààbò tó fi rà ṣì ń bọ̀. Ní Nàìjíríà, dandan ni kí owó ṣáájú, nítorí láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2013 ni àjọ ìjọba tó ń mójú tó iṣẹ́ náà ti fọwọ́ líle mú òfin pé ẹni tí kò tíì sanwó kò ní ààbò.

Bí ilé búrẹ́dì kan ní Ìbàdàn bá san ₦240,000 lórí ọkọ̀ tó ń gbé búrẹ́dì kiri, tí ààbò náà bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹwàá, kò tíì ná kọ́bọ̀ kan lọ́jọ́ náà. Owó báǹkì ló dín, dúkìá tuntun tó ń jẹ́ owó adójútòfò àsansílẹ̀ ló wọlé dípò rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà: ní ìparí oṣù kọ̀ọ̀kan, akọ̀wé owó yóò yọ ₦20,000 kúrò nínú dúkìá yìí, yóò sì kọ ọ́ sínú ìnáwó oṣù náà. Bí ọdún ìṣirò bá parí ní oṣù Kejìlá, ₦60,000 ti di ìnáwó, ₦180,000 ṣì jẹ́ dúkìá.

Ẹni tó kọ gbogbo ₦240,000 sí ìnáwó oṣù Kẹwàá ń tan ara rẹ̀ jẹ. Oṣù náà lè fi àdánù hàn, kí onílé búrẹ́dì sì fowó lé búrẹ́dì láìnídìí, nígbà tí oṣù mọ́kànlá tó kù yóò dà bí èyí tí kò ná nǹkan kan lórí adójútòfò. Àṣìṣe kejì farasin jù: kí ìyọkúrò oṣù kan di ìgbàgbé, kí èrè sì pọ̀ ju bó ṣe yẹ lọ. Ọ̀nà láti mọ̀ ọ́n rọrùn. Kí a ka oṣù tó kù nínú ìwé àdéhùn, kí a sọ ọ́ di ìlọ́po ₦20,000. Ní ìparí oṣù Kẹta, oṣù mẹ́fà ló kù, nítorí náà ₦120,000 ló yẹ kó wà nílẹ̀. Bí ìwé bá ní ₦140,000, oṣù kan ti fo.

Ọjọ́ tí ààbò bẹ̀rẹ̀ ni a ń tẹ̀ lé, kì í ṣe ọjọ́ tí a sanwó. Bí a tilẹ̀ san án ní oṣù Kẹsàn-án, oṣù Kẹwàá ni ìyọkúrò yóò bẹ̀rẹ̀.

Bí wọ́n bá ta ọkọ̀ náà ní ìparí oṣù Karùn-ún, ₦80,000 ló kù lórí ìwé. Bí ilé iṣẹ́ adójútòfò bá dá ₦50,000 padà, ₦30,000 tó ṣẹ́kù kò ní ààbò kankan lẹ́yìn mọ́: inú ìnáwó oṣù Karùn-ún ni yóò lọ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.